Ráútà tí gbogbo ojú ìwé rẹ̀ jẹ́ èdè Ṣáínà: bí ẹ ṣe máa rí páásíwọ́ọ̀dù, Wáí-Fáì àlejò àti ibi àpdéètì

Màmá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, gbé ráútà kan wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ ló rà á bọ̀ láti Guangzhou nígbà tó lọ kó ọjà. Wọ́n kọ TL-WDR5620 sí abẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn TP-Link tí wọ́n ṣe fún ọjà ilẹ̀ Ṣáínà nìkan.

"Ọmọ mi, ó ń ṣiṣẹ́ o," Màmá ní, "ṣùgbọ́n n ò mọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. N ò sì fẹ́ kí àwọn oníbàárà máa bá mi lo Wáí-Fáì tí mo fi ń ṣírò ọjà. Ọmọkùnrin kan bá mi ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ìwé Ṣáínà ló kún ibẹ̀ bámúbámú, ló bá pa á dé."

Ohun kẹta tí Màmá ń wá ni àpdéètì, torí pé Wáí-Fáì náà máa ń já lójijì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lórí ojú ìwé ìṣàkóso ráútà náà. Kò dìgbà tí èèyàn bá gbọ́ èdè Ṣáínà kó tó rí wọn. Kéèyàn ṣáà dá bí ọ̀rọ̀ mẹ́wàá mọ̀ lójú, bí a ṣe ń dá nọ́ńbà mọ́tò mọ̀. Ráútà Màmá yìí ni mo máa fi ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lẹ́yìn náà ni mo máa sọ díẹ̀ nípa Xiaomi, torí òun náà pọ̀ ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì n'Ìkẹjà.

Bí ẹ ṣe máa wọlé

Ẹ yí ráútà náà dojú bolẹ̀ kí ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Lára TP-Link ti Ṣáínà, àdírẹ́sì tí ẹ máa bá níbẹ̀ ni `tplogin.cn`. Bí èyí tó wà lọ́wọ́ yín bá jẹ́ `tplinkwifi.net`, a jẹ́ pé èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ òkèèrè ni, ó sì ṣeé ṣe kí èdè òyìnbó wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ `Ver` lórí ìwé náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ti Màmá jẹ́ `3.0`. A máa nílò rẹ̀ tí a bá dé ọ̀rọ̀ àpdéètì.

Kọ̀ǹpútà ni kí ẹ lò bí ó bá wà, kí ẹ sì fi wáyà so ó mọ́ ọ̀kan nínú ihò LAN ráútà náà. Fóònù náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pa détà rẹ̀. Bí détà bá wà ní títan, fóònù lè gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣíìmù lọ wá `tplogin.cn`, kò sì ní rí i, nítorí inú ráútà yìí nìkan ni àdírẹ́sì náà ti nítumọ̀. Lórí fóònù, ojú ìwé náà sì máa ń fẹ́ kí ẹ lọ gba áàpù rẹ̀ kọ́kọ́. Ẹ wá ìlà kékeré tó ní `网页版` nínú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, á jẹ́ kí ẹ máa bá ojú ìwé lọ.

Bí `tplogin.cn` kò bá ṣí, tí ẹ sì ti so mọ́ ráútà náà dáadáa, ẹ wo inú ètò fóònù Android yín bóyá Private DNS wà ní títan, kí ẹ pa á fúngbà díẹ̀. Bí kò bá tún ṣí, ẹ ṣí Command Prompt lórí kọ̀ǹpútà oníWindows, kí ẹ tẹ èyí sínú rẹ̀:

```
ipconfig
```

Nọ́ńbà tó wà níwájú `Default Gateway` ni àdírẹ́sì ráútà. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n rà ní Ṣáínà ni, `默认网关` ni wọ́n máa kọ síbẹ̀. Ẹ má ṣe máa méfò `192.168.1.1`. Ọ̀pọ̀ àpótí fáíbà àwọn ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ́ nọ́ńbà yẹn. Bí ráútà Ṣáínà bá wà lẹ́yìn irú àpótí bẹ́ẹ̀, àpótí yẹn lẹ máa ṣí, ẹ ó sì máa wá ohun tí kò sí níbẹ̀.

Tó bá ṣí, ọ̀kan nínú ojú ìwé méjì lẹ máa rí. Bí àpótí méjì bá wà tí ẹ máa kọ nǹkan sí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ `创建管理员密码` lókè, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tíì lò ó rí, òun ló ní kí ẹ dá páásíwọ́ọ̀dù ìṣàkóso tuntun. Ẹ kọ ọ́ sínú èkíní, ẹ tún un kọ sínú èkejì, kí ẹ tẹ `确定`. Bí ó bá jẹ́ àpótí kan ṣoṣo, ẹnì kan ti ṣètò rẹ̀ ṣáájú yín, páásíwọ́ọ̀dù tí ẹni yẹn dá ló ń béèrè. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lo ọ̀rọ̀ kan náà fún Wáí-Fáì àti ìṣàkóso, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ti Wáí-Fáì bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ọmọ Màmá rántí tirẹ̀ lórí fóònù, a sì wọlé.

Ìtumọ̀ orí bùráúsà, àti ibi tí kò ti tó

Chrome lè tú ojú ìwé náà sí èdè òyìnbó: ẹ tẹ ojúàmì mẹ́ta tó wà lókè, kí ẹ yan Translate. Ọ̀dọ̀ Google ló ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí láti tú u, nítorí náà bí ráútà náà ò bá tíì ní íńtánẹ́ẹ̀tì, kò ní tú nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ṣáínà gan-an, ẹ lo Edge, torí Google ò ṣí níbẹ̀. Bí kò bá sí íńtánẹ́ẹ̀tì rárá, ẹ ti gba èdè Ṣáínà sórí áàpù Google Translate ṣáájú, kí ẹ wá fi kámẹ́rà fóònù kejì wo ojú kọ̀ǹpútà.

Èdè Yorùbá wà nínú Google Translate lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnì kúrú jù, ìtumọ̀ tó máa ń fún wọn sì máa ń ṣini lọ́nà. Níbi irú iṣẹ́ yìí, èdè òyìnbó ni kí ẹ ní kó tú u sí.

Ẹ lo ìtumọ̀ láti fi ka ojú ìwé nìkan. Tí ẹ bá ti mọ ibi tí ẹ ń lọ, ẹ dá a padà sí èdè Ṣáínà kí ẹ tó yí ohunkóhun. Irú ojú ìwé báyìí máa ń dàrú bí wọ́n bá tú u: bọ́tìnì á kúrò láyè rẹ̀, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, kò sì ní dáhùn, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá ó ti gba ohun tí ẹ ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ojú yín mọ àwọn ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ tí ojú yín gbọ́dọ̀ mọ̀

Èyí ni mo kọ sórí páálí fún Màmá:

- `无线` ni Wáí-Fáì.
- `密码` ni páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ wo `密`: ó ní òrùlé kékeré lórí. `码` sì ní àpótí kékeré kan nísàlẹ̀ lápá òsì.
- `访客` ni àlejò. `客` náà ní òrùlé lórí bíi ti `密`, nítorí náà ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e tàbí tó ṣáájú rẹ̀ lẹ máa fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀.
- `网络` ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. `网` dà bíi fèrèsé tí wọ́n fa àmì X méjì sínú rẹ̀ bí irin asọ́fèrèsé. Ẹ ò lè gbàgbé rẹ̀ mọ́.
- `升级` ni àpdéètì.
- `保存` ni "tọ́jú rẹ̀", `确定` ni "ó dáa bẹ́ẹ̀", `取消` ni "fi í sílẹ̀".
- `开启` ni títàn, `关闭` ni pípa. `关` ní ìlà kékeré méjì lórí bí ìwo. `开` ò ní.

Méjì kan wà tí mo fi pẹ́ńsù pupa kọ. `重启` ni kí ráútà pa ara rẹ̀ kó sì tún tan, kò ba nǹkan kan jẹ́. `恢复出厂设置` ni kí ó pa gbogbo ètò rẹ́, kó padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tó kúrò ní ilé iṣẹ́. Àwọn méjèèjì sábà máa ń wà lójú ìwé kan náà. Àmì tí ẹ máa fi mọ èyí tó léwu ni `出`, tó dà bíi fọ́ọ̀kì méjì tó gun ara wọn lórí. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí fọ́ọ̀kì méjì yẹn, ẹ gbé ọwọ́ kúrò.

Ẹ tún wo igun òkè lápá ọ̀tún bóyá `简体中文` wà níbẹ̀. Bí ó bá wà, àmì yíyan èdè ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ bóyá English máa yọjú. Kò sí lára ti Màmá.

Páásíwọ́ọ̀dù Wáí-Fáì

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ nìyí, nítorí páásíwọ́ọ̀dù mẹ́ta ló wà nínú ráútà yìí, `密码` ló sì parí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ lẹ máa kà.

`管理员密码` ni ti ìṣàkóso, tí a fi wọlé lẹ́ẹ̀kan. `宽带密码` ni ti íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ń fún oníbàárà. Wọ́pọ̀ ní Ṣáínà ni, torí orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. `无线密码` ni ti Wáí-Fáì. Èyí nìkan là ń wá.

Nísàlẹ̀ ojú ìwé TP-Link yìí, bọ́tìnì ńlá mẹ́rin ló tò sílẹ̀: `网络状态`, `设备管理`, `应用管理`, `路由设置`. Ẹ tẹ ìkẹrin, `路由设置`. Àkójọ kan máa yọ lápá òsì, kí ẹ yan `无线设置` nínú rẹ̀. Ẹ máa rí `无线名称`, tí í ṣe orúkọ Wáí-Fáì, àti `无线密码` nísàlẹ̀ rẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù náà hàn gbangba lójú àpótí, kò sí pé wọ́n fi ojúàmì bò ó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, lẹ́tà ńlá lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré lẹ́tà kékeré.

Bí ẹ bá fẹ́ yí i padà, ẹ pa èyí tó wà níbẹ̀ rẹ́, kí ẹ kọ tuntun tí kò dín ní lẹ́tà 8, kí ẹ tẹ `保存`. Ẹ má fi àmì ohùn Yorùbá sí i. Lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán ni kí ẹ lò. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo fóònù máa já, títí kan èyí tó wà lọ́wọ́ yín bó bá jẹ́ Wáí-Fáì lẹ fi wọlé. Kì í ṣe pé nǹkan bàjẹ́. Ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù tuntun wọlé padà.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nídìí ti Màmá tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn. Ráútà náà ní `2.4G` àti `5G`, oníkálukú pẹ̀lú orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Mo yí ti `2.4G`, mo tẹ `保存`, mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n fóònù oníbàárà kan tó ti ń lo Wáí-Fáì náà tẹ́lẹ̀ ṣì ń lò ó lọ ràì. Orí `5G` ló wà, páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kí ẹ yí méjèèjì. Lórí àwọn ráútà tuntun, bí `多频合一` bá wà ní títan, orúkọ kan ṣoṣo ló wà fún méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa yí i.

Bí ẹ kò bá rántí páásíwọ́ọ̀dù ìṣàkóso rárá, tó sì jẹ́ páásíwọ́ọ̀dù Wáí-Fáì nìkan lẹ fẹ́, ẹ lè má wọ ojú ìwé Ṣáínà kankan. Kọ̀ǹpútà oníWindows tó ti so mọ́ Wáí-Fáì náà rí ti tọ́jú rẹ̀ sínú. Ẹ tẹ èyí sínú Command Prompt, kí ẹ fi orúkọ Wáí-Fáì yín rọ́pò orúkọ tó wà nínú àmì ọ̀rọ̀ rẹ̀:

```
netsh wlan show profile name="TP-LINK_1A2B" key=clear
```

Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Key Content` ni páásíwọ́ọ̀dù. Lórí Windows onídè Ṣáínà, `关键内容` ni ìlà náà ń jẹ́.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ wọlé, tí kò sì sí ẹni tó mọ páásíwọ́ọ̀dù ìṣàkóso, kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí ẹ tẹ bọ́tìnì `Reset` ẹ̀yìn ráútà mọ́lẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Gbogbo ètò ló máa lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ háyà ilé ní Ṣáínà, ẹ béèrè `宽带账号` àti `宽带密码` lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó dán an wò. Bí ẹ kò bá ní wọn lọ́wọ́, ẹ máa padà ní Wáí-Fáì, ṣùgbọ́n kò ní sí íńtánẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù Màmá kò le bẹ́ẹ̀: àpótí fáíbà ló ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá, nítorí náà `自动获得IP地址` ni ráútà rẹ̀ ń lò, kò béèrè orúkọ tàbí páásíwọ́ọ̀dù kankan.

Wáí-Fáì àlejò

Èyí ò sí lábẹ́ `无线设置`, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rò pé ráútà àwọn ò ní in. Ẹ padà sísàlẹ̀, kí ẹ tẹ bọ́tìnì kẹta, `应用管理`. Àwọn àwòrán kéékèèké máa tò sílẹ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ `访客网络` sí lára, kí ẹ tẹ `进入` tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ gbé bọ́tìnì rẹ̀ sí `开启`. Ẹ fún un lórúkọ tó yàtọ̀ sí ti Màmá fúnra rẹ̀. Àwa kọ `ONIBARA` sí `无线名称`. Ẹ fún un ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ nínú `无线密码`. Ẹ má fi í sílẹ̀ láìní páásíwọ́ọ̀dù, nítorí gbogbo ẹni tó bá wà ní òdìkejì títì ló máa máa lò ó, ẹ̀yin lẹ ó sì máa san owó rẹ̀.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù lójú ìwé yìí ni ìlà tó gùn tó ní `内网` nínú: `允许访客访问我的内网资源`. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "jẹ́ kí àlejò dé ibi àwọn ohun tó wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi". Ẹ rí i dájú pé kò sí àmì nínú àpótí rẹ̀, tàbí pé ó wà ní `关闭`. Bí ó bá wà ní títan, orúkọ nìkan lẹ yí: àlejò ṣì lè dé orí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín.

Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ lè fi ìwọ̀n sí bí àlejò ṣe máa sáré tó. `上传` ni ohun tó ń jáde lọ, `下载` ni ohun tó ń wọlé. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí kí ẹ tó kọ nọ́ńbà. Bí ó bá jẹ́ `KB/s`, ẹ rántí pé ìwọ̀n yìí kì í ṣe èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń polówó: 512 níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 4 nínú ìwọ̀n `Mbps` tiwọn. Fáíbà Màmá jẹ́ `20 Mbps`. Mo kọ 512 fún `下载` àti 128 fún `上传`, ó tó fún oníbàárà láti wo Wáàsáàpù kó sì fi owó ránṣẹ́, kò sì ní fa ti Màmá wálẹ̀. Bí `开放时间` bá wà níbẹ̀, ìyẹn ni àkókò tí Wáí-Fáì àlejò máa fi wà ní ṣíṣí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí bí ẹ bá fi wákàtí díẹ̀ sí i, ó máa pa ara rẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ ó sì máa rò pé ráútà ti bàjẹ́. Ẹ tẹ `保存`.

Ẹ má tíì gbà pé ó ti dáa. Mo ṣí ojú ìwé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Màmá lórí fóònù mi nígbà tí mo ṣì wà lórí Wáí-Fáì tirẹ̀: mo tẹ àdírẹ́sì ẹ̀rọ náà, `192.168.1.105`, sínú bùráúsà, ó sì ṣí. Mo kúrò níbẹ̀, mo bọ́ sórí `ONIBARA`, mo tún àdírẹ́sì kan náà tẹ̀. Ó yí títí, kò ṣí. Ohun tí a ń wá nìyẹn. Ó ṣe pàtàkì kí ẹ kọ́kọ́ rí i pé ó ṣí lórí Wáí-Fáì onílé, nítorí bí kò bá ṣí lórí ìkankan, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà lẹ pa.

Àpdéètì fámúwíà

Fámúwíà ni ètò tó wà nínú ráútà tó ń darí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. TP-Link ti Ṣáínà ń pè é ní `软件`, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń pè é ní `固件`. Ẹ padà sí `路由设置`, kí ẹ wo àkójọ apá òsì sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi rí `软件升级`. `当前软件版本` tó wà níbẹ̀ ni ẹ̀dà ètò tó wà nínú rẹ̀ báyìí. `当前硬件版本` ni ẹ̀dà ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ bá èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ láti abẹ́ ráútà mu.

Bí ẹ bá rí `在线升级`, ráútà náà lè lọ wá àpdéètì fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù nìyẹn, torí kò lè ṣi fáìlì gbé. Ti Màmá ò ní in. Àpótí `升级文件路径` nìkan ló wà, pẹ̀lú bọ́tìnì `浏览` tí a fi ń yan fáìlì àti `升级` tí a fi ń bẹ̀rẹ̀.

Orí `tp-link.com.cn` ni kí ẹ ti gba fáìlì, ìyẹn ìkànnì wọn ti Ṣáínà. Ẹ tẹ orúkọ ráútà yín sínú àpótí ìwárí, kí ẹ yan èyí tí `Ver` rẹ̀ bá ti abẹ́ ráútà yín mu. Ráútà méjì lè jọ ń jẹ́ TL-WDR5620, kí `Ver` wọn yàtọ̀, kí ohun tó wà nínú wọn má sì jọra rárá. Àwọn kan máa ń fẹ́ fi fámúwíà onígẹ̀ẹ́sì láti ìkànnì òkèèrè sí i kí ó lè yí padà sí èdè òyìnbó. Ẹ má ṣe é. Ẹ̀dà Ṣáínà àti ẹ̀dà òkèèrè kì í ṣe ẹ̀rọ kan náà, àní bí orúkọ wọn bá tilẹ̀ jọra. Bí ó bá gba fáìlì náà, ó lè má tan mọ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ `备份和载入配置` kí ẹ tẹ `备份` láti tọ́jú ètò yín. Fáìlì ètò yìí lè parí sí `.bin`, bẹ́ẹ̀ náà ni ti fámúwíà. Ẹ kó wọn sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ má baà ṣi ọ̀kan gbé. Fáìlì tí ẹ gbà láti ìkànnì sábà máa ń wà nínú `.zip` tàbí `.rar`. Ẹ tú u kí ẹ rí `.bin` inú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé `.zip` fún ráútà bẹ́ẹ̀, ó máa kọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù. Bí iná bá lọ nígbà tó ń kọ ètò tuntun sínú ara rẹ̀, ráútà náà lè kú pátápátá. Nítorí náà, mo gbé ráútà àti kọ̀ǹpútà sórí ínfátà kí n tó tẹ `升级`, mo sì fi wáyà so wọ́n pọ̀, torí Wáí-Fáì tó lè já láàárín ìgbà tí fáìlì ń wọlé kò ṣeé gbára lé. Gbólóhùn tó ní `请勿断电` máa ń yọ nígbà náà: "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa iná". Ẹ fi ọwọ́ lẹ́rán. Ó máa pa ara rẹ̀, ó máa tún tan, àwọn iná ara rẹ̀ máa tàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ wọlé padà kí ẹ wo `当前软件版本`. Bí nọ́ńbà náà bá ti yí, ó ti ṣe é. Bí ó bá wà bó ṣe wà, kò gbà á. Ẹ lọ yẹ `Ver` àti fáìlì náà wò dípò kí ẹ tún máa tẹ `升级` léraléra. Ẹ tún wo `无线设置` àti `访客网络` lẹ́yìn náà, torí àpdéètì mìíràn máa ń pa ètò rẹ́. Ti Màmá kò pa á rẹ́.

Bó bá jẹ́ Xiaomi

Àdírẹ́sì rẹ̀ ni `miwifi.com` tàbí `192.168.31.1`. Lókè ojú ìwé ni kí ẹ wò, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Ẹ tẹ `常用设置`, kí ẹ yan `Wi-Fi设置`. Páásíwọ́ọ̀dù wà níwájú `密码`, ti `2.4G` àti ti `5G` lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ àfi bí `双频合一` bá wà ní títan. Bí ráútà náà bá ní àlejò lórí ojú ìwé, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ náà ló máa ń wà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ `访客`. Nínú àwọn kan, inú áàpù fóònù nìkan ló wà. Ti àpdéètì wà ní `常用设置`, lábẹ́ `系统状态`: ó máa wá ẹ̀dà tuntun fúnra rẹ̀, `手动升级` sì ni bọ́tìnì tí a fi ń gbé fáìlì sí i. `恢复出厂设置` wà lójú ìwé kan náà yẹn, kò jìnnà sí i. Ẹ wo fọ́ọ̀kì méjì kí ẹ tó tẹ nǹkan.

Lórí ráútà èyíkéyìí mìíràn, ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `无线` fún páásíwọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà `访客`, lẹ́yìn náà `升级`. Àpdéètì sábà máa ń wà lábẹ́ `系统`, ìyẹn ibi ètò gbogbogbòò.

Màmá padà lọ pẹ̀lú páálí rẹ̀. Mo kọ páásíwọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti ìṣàkóso, ti Wáí-Fáì rẹ̀ àti ti `ONIBARA`, sórí ìwé kan, mo ní kí ó fi sínú àpótí owó. Ti `ONIBARA` nìkan ló lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù.